Ẹ má fi èlé bánkì díwọ̀n iṣẹ́ tuntun: àṣìṣe kan tí ó wọ́pọ̀ nínú ìṣirò ìdókòwò

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ètò òwò tí àwọn oníṣòwò Iléṣà máa ń kó wá fún àyẹ̀wò, ìlà kan wà tí kì í yí padà. Ẹni tí ó ṣe ìṣirò náà yóò kọ iye owó tí iṣẹ́ tuntun yóò gbà, yóò kọ iye tí ó ń retí pé yóò máa wọlé lọ́dọọdún, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi èlé tí bánkì fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ dín owó ọdún iwájú wọ̀nyẹn kù sí iye tí wọ́n jẹ́ lónìí. Bí bánkì bá ní 25% lọ́dún ni òun yóò gbà, 25% náà ni yóò lò fún gbogbo iṣẹ́ tí ó bá wá sí i lọ́kàn. Tí a bá bi í léèrè ìdí, èsì rẹ̀ máa ń yá: “Ṣebí iye tí wọn yóò fi yá mi lówó nìyẹn.” Èsì náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ nìyí. Owó tí a ó gbà ní ọdún mẹ́ta sí i kò tó owó tí ó wà lọ́wọ́ wa lónìí, nítorí pé nǹkan mìíràn wà tí a lè fi ti òní ṣe láàárín ọdún mẹ́ta náà. Ìdá tí a fi ń dín owó iwájú kù, èyí tí n ó máa pè ní ìdá ẹ̀dínwó, ń béèrè pé: bí mi ò bá kó owó yìí sínú iṣẹ́ yìí, èló ni ìbá pa wọlé fún mi nínú iṣẹ́ mìíràn tí ewu rẹ̀ bá tèyí dọ́gba? Ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà ni ìbéèrè yìí. Èlé bánkì ní tirẹ̀ ń sọ iye tí ó tó bánkì lójú kí ó tó yá ilé-iṣẹ́ yìí lówó, lẹ́yìn tí ó ti wo ilé tí wọ́n fi dógò, tí ó ti wo bí wọ́n ṣe ń san gbèsè àtẹ̀yìnwá, tí ó sì ti mọ̀ pé òun ni wọn yóò kọ́kọ́ sanwó fún kí ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ tó fọwọ́ kan kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé búrẹ́dì kan ní Iléṣà ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo fojú inú wo ilé-iṣẹ́ náà, iye owó tí mo lò sì jẹ́ ti àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n irú ìpinnu tí mo fẹ́ ṣàlàyé ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyá kan ni ó ni ín, ó ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, búrẹ́dì rẹ̀ ń dé Ọjà Àtákúnmọ́sà ní òwúrọ̀, ó sì ń dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Kò jẹ bánkì ní gbèsè kankan. Ó ní ₦30 mílíọ̀nù tí ó fi ra bọ́ọ̀ǹdì ìjọba àpapọ̀, tí ó ń mú 18% wá fún un lọ́dún. Bánkì sì ti kọ̀wé sí i pé bí ó bá fẹ́ yáwó, 25% ni èlé rẹ̀, ilé rẹ̀ ni yóò sì fi dógò.

Iṣẹ́ tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kí ó ra ẹ̀rọ tí yóò máa lọ kòkó di ẹ̀lọ̀ tí a ń pò mu, kí ó dì í sínú ọ̀rá, kí ó sì tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì. Ẹ̀rọ àti àtúnṣe ilé yóò gba ₦30 mílíọ̀nù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó kòkó, owó òṣìṣẹ́ àti owó iná, wọ́n ń retí ₦13 mílíọ̀nù lọ́dún fún ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn èyí tí ẹ̀rọ náà yóò ti gbó. Ìrètí yìí jẹ́ ìdajì-ìdajì láàárín ọdún tí ọjà yá àti ọdún tí ọjà kò yá: ₦20 mílíọ̀nù nínú ọdún rere, ₦6 mílíọ̀nù nínú ọdún burúkú.

Akọ̀wé owó rẹ̀ fi 25% ṣe ìṣirò. ₦13 mílíọ̀nù ọdún kìíní di ₦10.40 mílíọ̀nù lónìí, ti ọdún kejì di ₦8.32 mílíọ̀nù, ti ọdún kẹta di ₦6.66 mílíọ̀nù, ti ọdún kẹrin sì di ₦5.32 mílíọ̀nù. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦30.70 mílíọ̀nù. Tí a bá yọ ₦30 mílíọ̀nù tí a ná, ₦700,000 ṣẹ́ kù, akọ̀wé sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé iṣẹ́ náà dára.

Ta ni ó ń ru ewu náà?

Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti dúró díẹ̀, nítorí pé ìṣirò tí akọ̀wé náà ṣe kò ní àléébù kankan nínú ìsọdipúpọ̀ àti pípín rẹ̀. Àléébù rẹ̀ wà nínú ohun tí ó gbé pamọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé Ìyá oníbúrẹ́dì yá gbogbo ₦30 mílíọ̀nù náà lọ́wọ́ bánkì ní 25%, tí ó sì ń san án padà ní iye kan náà lọ́dún fún ọdún mẹ́rin. Ohun tí yóò máa san jẹ́ ₦12.70 mílíọ̀nù lọ́dún. Ní ọdún rere, ₦20 mílíọ̀nù wọlé, ó san ti bánkì, ₦7.30 mílíọ̀nù sì kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún burúkú, ₦6 mílíọ̀nù péré ni ó wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ wá ₦6.70 mílíọ̀nù láti inú owó búrẹ́dì kún un. Bí ọdún burúkú méjì bá tẹ̀ léra wọn, ₦13.40 mílíọ̀nù ni búrẹ́dì yóò fi gbọ́ bùkátà kòkó.

Ẹ wo ipò bánkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún rere ni o, ọdún burúkú ni o, ₦12.70 mílíọ̀nù rẹ̀ ń wọlé, nítorí pé ilé ń bẹ nílẹ̀, búrẹ́dì sì ń bẹ lẹ́yìn ilé. Díẹ̀ kíún nínú ewu kòkó ni ó kan bánkì, ìdí nìyẹn tí 25% fi tó o. Gbogbo ìyókù ewu náà bọ́ sórí ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́. Kí ni wọ́n sì ń san fún un? Ìdajì ₦7.30 mílíọ̀nù dín ìdajì ₦6.70 mílíọ̀nù: ₦300,000 lọ́dún. Obìnrin kan fi ilé rẹ̀ dógò, ó ń wọ inú ohun tí ó lè gba ₦6.70 mílíọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún kọ̀ọ̀kan, èrè tí ó sì ń retí fún un kò tó owó oṣù tí òṣìṣẹ́ kékeré kan ń gbà lọ́dún. Kò sí ẹni tí ó mọ ọjà tí yóò gba àdéhùn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ fún un ní ìhòòhò. Ṣùgbọ́n bí a bá fi 25% dín owó náà kù, àdéhùn kan náà ni ìwé ń pè ní èrè.

Ní 1958 ni Franco Modigliani àti Merton Miller ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé: irú owó tí a fi ṣe iṣẹ́ kan, yálà owó yíyá tàbí owó ara ẹni, kọ́ ni ó ń sọ èrè tí ó kéré jù tí ó yẹ kí iṣẹ́ náà mú wá. Bí a bá yá owó tí ó pọ̀ sí i, ewu kò lọ. Ńṣe ni ó kóra jọ sórí owó tí ó jẹ́ ti ara ẹni. Wọ́n fi àwọn àbá kan gbé ọ̀rọ̀ wọn ró tí kò sí láyé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, irú bí ayé tí kò sí owó-orí tàbí ìnáwó ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n apá yìí nínú rẹ̀ kò yẹ̀ lára oníbúrẹ́dì Iléṣà.

Èló wá ni ó yẹ kí a lò fún iṣẹ́ kòkó yìí? Kòkó lílọ̀ kì í ṣe búrẹ́dì. Nígbà tí owó bá wọ́n, ilé tí ó ń ra búrẹ́dì yóò ṣì rà á, ẹ̀lọ̀ kòkó ni wọn yóò kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń rà. Iye kòkó fúnra rẹ̀ sì ń ṣe ségesège: ní ọjà Niu Yọ́ọ̀kì, tọ́ọ̀nù kan kò tó $3,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó sì kọjá $12,000 ní Oṣù Kejìlá 2024. Àgbẹ̀ ní Ifẹ̀wàrà ń gbọ́ ìròyìn yìí lórí fóònù, kò sì ní tà fún ẹ̀rọ wa ní ẹ̀dínwó. Ká sọ pé, lẹ́yìn tí a ti wádìí, 35% ni àwọn tí ń fi owó ara wọn ṣe irú iṣẹ́ eléwu báyìí ń fẹ́ kí wọ́n tó tẹ́wọ́ gbà á. Pẹ̀lú 35%, ₦13 mílíọ̀nù ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà jẹ́ ₦25.96 mílíọ̀nù lónìí. Ẹni tí ó bá fi ₦30 mílíọ̀nù rà á ti pàdánù ₦4.04 mílíọ̀nù lọ́jọ́ tí ó sanwó.

Ẹ̀rọ kan, ayánilówó mẹ́ta

Ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni lè fi rí i pé èlé ayánilówó kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n. Ẹ gbé ẹ̀rọ kòkó kan náà, pẹ̀lú ₦13 mílíọ̀nù rẹ̀ lọ́dún, fún ènìyàn mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ ń yá lówó ní 12%. Ẹni kejì ni Ìyá oníbúrẹ́dì wa, tí ti bánkì rẹ̀ jẹ́ 25%. Ẹni kẹta ń lọ sí ilé owó kékeré tí ó ń gba 40%. Bí oníkálukú bá lo èlé tirẹ̀, òṣìṣẹ́ yunifásítì yóò sọ pé iṣẹ́ náà yóò fi ₦9.49 mílíọ̀nù lé owó rẹ̀, oníbúrẹ́dì yóò sọ pé ₦700,000, ẹni kẹta yóò sì sọ pé òun yóò pàdánù ₦5.96 mílíọ̀nù. Ẹ̀rọ kan náà ni o. Kòkó kan náà ni, oníbàárà kan náà, ọjà kan náà.

Owó alájẹṣẹ́kù ni ó léwu jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé kì í ṣe ọjà ni ó bu èlé rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ṣe ara wọn lóore, wọ́n sì ń yọ gbèsè náà láti inú owó oṣù kí ó tó dé ọwọ́ ẹni. Bí bọ́ọ̀ǹdì ìjọba bá ń mú 18% wá, tí ẹni tí ó yáwó ní 12% bá sì kó o sínú òwò tí ó ń retí 15%, yóò rò pé òun ń jèrè 3%. Ìbá ti jèrè 6% lórí ìjókòó, láìsí ẹ̀rọ, láìsí òṣìṣẹ́, láìsí pé ó ń wo ojú ọjà. Èrè tí ó wà láàárín 12% àti 18% jẹ́ ti owó yíyá náà. Ó tọ́ kí ó kà á, ṣùgbọ́n kí ó kà á lọ́tọ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti fi òṣùwọ̀n iṣẹ́ díwọ̀n iṣẹ́. Bí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀yáwó tí ó dára yóò máa bo àṣírí òwò tí kò dára.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí ní tòótọ́. Òṣómàáló tí ó ń gbé aṣọ káàkiri ìletò, tí ó ń tà á láwìn, ní láti ronú nípa ẹni tí ó ń gba aṣọ náà àti bí yóò ti rí owó náà gbà. Iye tí òun fúnra rẹ̀ jẹ ẹni tí ó kó aṣọ fún un kò lè sọ fún un bóyá ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò san.

Àṣìṣe náà tún ń lé iṣẹ́ rere lọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ewu tí ó wà níbẹ̀ kò ju pé kí a gba iṣẹ́ burúkú. Ó tún ń mú kí a kọ iṣẹ́ tí ó yẹ kí a gbà, èyí sì ṣòro láti rí, nítorí pé kò sí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ owó tí kò wọlé. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan wá bá Ìyá oníbúrẹ́dì kan náà pé kí ó ra ọkọ̀ akẹ́rù ní ₦30 mílíọ̀nù, kí ó fi háyà fún àwọn fún ọdún mẹ́rin. Wọn yóò máa san ₦12 mílíọ̀nù ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, epo, awakọ̀ àti àtúnṣe wà lọ́rùn tiwọn, bánkì ńlá kan sì dúró fún wọn nínú ìwé. Kí a rò pé ọkọ̀ náà kò ní níye lórí mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.

Pẹ̀lú 25%, owó náà jẹ́ ₦28.34 mílíọ̀nù lónìí, akọ̀wé sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ewu tí ó wà nínú rẹ̀? Bánkì ńlá ti dúró. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni kí owó pẹ́ díẹ̀ tàbí kí wọ́n máa fa ìwé. Ó ju ewu bọ́ọ̀ǹdì ìjọba lọ díẹ̀, nítorí náà 20% bá a mu. Pẹ̀lú 20%, ó jẹ́ ₦31.06 mílíọ̀nù, èrè rẹ̀ lónìí jẹ́ ₦1.06 mílíọ̀nù. Ọ̀kan náà ni owó tí iṣẹ́ méjèèjì gbà, iṣẹ́ kòkó ni ó sì ń mú owó tí ó pọ̀ jù wọlé lọ́dún, síbẹ̀ èyí tí akọ̀wé gbà ni ó yẹ kí ó kọ̀, èyí tí ó kọ̀ ni ó yẹ kí ó gbà.

Ẹni tí ó bá fi ọkàn bá mi bọ̀ yóò béèrè pé: bí kò bá ní ₦30 mílíọ̀nù nílẹ̀ ńkọ́, tí ó jẹ́ pé bánkì tí ń gba 25% nìkan ni ó lè yá a? Iṣẹ́ ọkọ̀ náà ń mú nǹkan bíi 21.9% wá, kò sì ní lè san gbèsè 25% láìfi ọwọ́ kan búrẹ́dì. Òótọ́ ni, n kò sì ní sọ fún un pé kí ó yá a bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni ẹ̀yáwó náà: bánkì ń fi ojú ilé búrẹ́dì wo owó tí ó jẹ́ pé ìwé àdéhùn ọkọ̀ ni yóò san án. Kí ó gbé ìwé àdéhùn náà lọ, kí ó fi ìyẹn dógò dípò ilé, kí ó sì béèrè èlé tí ó bá a mu, tàbí kí ó wá ẹni tí yóò bá a pa owó pọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣeé ṣe, kí ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé owó ni kò rí, pé iṣẹ́ náà kò ní àbùkù. Bákan náà, ẹni tí ó bá ti jẹ gbèsè 25% tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì gbà kí ó san án ṣáájú ọjọ́, kí ó kọ́kọ́ ronú sí sísan án. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn rí 25% tí ó dájú tó bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń wá ìdá tí ó bá iṣẹ́ mu

A ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ìjọba àpapọ̀ ń san lórí bọ́ọ̀ǹdì tí ọjọ́ rẹ̀ gùn tó iṣẹ́ wa, a ó sì fi iye kan kún un fún ewu iṣẹ́ náà. Iye tí a ń fi kún un ni ó ṣòro. Ní ìlú ńlá, wọ́n máa ń wo ìpín ìdókòwò àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjà ìpín ìdókòwò Èkó. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe òwò epo pupa lè wo Okomu tàbí Presco. Kí ó rántí pé gbèsè tí ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá jẹ ti fi ewu kún ìpín náà, ó sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò kí ó tó fi wé tirẹ̀. Fún ẹ̀lọ̀ kòkó ní Iléṣà, irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ kò rọrùn láti rí.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn ni kí a lọ bá àwọn tí wọ́n ń fi owó ara wọn bá ènìyàn dá irú òwò bẹ́ẹ̀ pọ̀, tí kì í ṣe ayánilówó, kí a bi wọ́n pé: ọdún mélòó ni ẹ fẹ́ kí owó yín fi di ìlọ́po méjì? Wọn kò ní sọ ìdá kankan fún yín, ṣùgbọ́n ọdún ni wọ́n mọ̀ dáadáa. Ọdún mẹ́ta túmọ̀ sí 26%, ọdún méjì àbọ̀ túmọ̀ sí 32%, ọdún méjì sì túmọ̀ sí 41%. Bí púpọ̀ nínú wọn bá dúró láàárín ọdún méjì àti méjì àbọ̀, 35% kì í ṣe àfojúdi. Níwọ̀n bí náírà tí wọ́n ń sọ ti ní ọ̀wọ́n gógó nínú, kí owó tí a ń retí nínú ìṣirò náà ní in.

Ìdá tí ó bá ilé búrẹ́dì fúnra rẹ̀ mu, èyí tí a pò láti inú èlé bánkì àti èrè tí olówó ń fẹ́, wúlò nígbà tí ó bá fẹ́ ra ààrò kejì fún búrẹ́dì, torí pé ewu kan náà ni. Tí a bá gbé e lọ sórí kòkó tàbí ọkọ̀, àṣìṣe ti àkọ́kọ́ náà ni ó padà wá ní aṣọ mìíràn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àṣejù ní apá kejì. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé nọ́ńbà NAFDAC fún ẹ̀lọ̀ kòkó lè pẹ́ ní ọdún kan, tàbí pé ẹ̀rọ lè bàjẹ́, ẹ má kàn sọ pé kí a fi 10% kún ìdá ẹ̀dínwó. Ẹ gbé e sínú owó tí ẹ ń retí: bí ó bá ṣeé ṣe ní ìgbà kan nínú márùn-ún kí ₦13 mílíọ̀nù ọdún kìíní má wọlé, ẹ kọ ₦10.40 mílíọ̀nù síbẹ̀. Ìdá tí a bá fi kún ń dín ọdún kẹrin kù ju ọdún kìíní lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún kìíní ni nọ́ńbà NAFDAC náà ń dí lọ́wọ́. Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú ìdá ni ewu tí ń bá gbogbo ọjà lọ sókè-sódò. Fún ìdílé tí gbogbo ohun ìní rẹ̀ wà lójú kan, mo gbà kí a fi díẹ̀ kún un sí i.

Ìdá náà kò sì ní láti jẹ́ èyí tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Iṣẹ́ kòkó wa ń mú nǹkan bíi 26.3% wá, ẹni tí ó bá sọ pé 32% ni ó yẹ àti ẹni tí ó bá sọ pé 38% yóò jọ kọ̀ ọ́ ni. Kí Ìyá oníbúrẹ́dì tó gba iṣẹ́ náà pẹ̀lú 35%, ó ní láti rí nǹkan bíi ₦15 mílíọ̀nù lọ́dún dípò ₦13 mílíọ̀nù, tàbí kí ẹni tí ó ń ta ẹ̀rọ náà àti kápẹ́ńtà tí yóò tún ilé ṣe gba àpapọ̀ owó tí kò ju ₦25.9 mílíọ̀nù lọ. Orí iye yìí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í nájà.